Ọmọ ti sọ̀rọ̀ fún àǹtí rẹ̀: ta ló kàn láti gbọ́, kí ló sì yẹ kó wà nínú ìwé?

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ọ̀gá iléèwé nọ́sìrì àti pírámárì aládàáni kan níbí ní Òṣogbo. Olùkọ́ mẹ́rìnlá la ní, pẹ̀lú dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kan àti ọmọkùnrin tó ń bá a kó àwọn ọmọ. Ní táàmù tó kọjá, ọmọ kan sọ ohun tí wọ́n ṣe é nínú bọ́ọ̀sì fún àǹtí rẹ̀. Kó tó dé etí mi, èèyàn márùn-ún ti gbọ́, ẹnu wọn ò sì bára mu. Nígbà tí bàbá ọmọ dé, kò sí bébà kankan tí a lè mú jáde. Báwo ni ká ṣe to ọ̀nà ìfisùn, kí la sì gbọ́dọ̀ máa kọ sílẹ̀?*

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bójú tó ti ọmọ yẹn ká tó máa to ètò. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí àwọn wẹ́fíà, ẹ gbé e lọ lọ́la, kí àwọn méjèèjì tó wà nínú bọ́ọ̀sì má sì súnmọ́ ọmọ kankan títí ìwádìí yóò fi parí. Kí ẹ tó lọ, ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún yẹn ní bébà, kó jókòó lọ́tọ̀, kó kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ àti ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Déètì ọjọ́ tí wọ́n ń kọ ọ́ ni kí wọ́n fi sí i, kí wọ́n sì sọ gbangba pé ìrántí ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fẹnu kò. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá yàtọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ márùn-ún tó bára mu lọ́rọ̀ lọ́rọ̀ ni agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ yóò kọ́kọ́ fà ya ní kóòtù, nítorí yóò bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn.

Ohun tó ba ti táàmù yẹn jẹ́ ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan tó gbọ́ rò pé òun ní láti mọ bóyá òótọ́ ni kí òun tó sọ ọ́ síwájú. Iṣẹ́ iléèwé kọ́ nìyẹn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ti sọ di tirẹ̀, ka gbogbo ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Ọlọ́pàá àti wẹ́fíà ló ń wádìí, kóòtù ló ń dájọ́. Tiyín ni láti gbọ́, láti kọ, àti láti gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ kan náà. Tí ẹ bá ti mú ìwádìí kúrò lọ́rùn ara yín, ẹ óò rí i pé ètò náà kò gùn.

Ẹ yan olùkọ́ kan tí àwọn ọmọ kì í bẹ̀rù, tó sì lè pa ẹnu mọ́, kó jẹ́ alábòójútó ààbò ọmọ. Ẹ yan igbákejì fún un, nítorí ọjọ́ tí alábòójútó bá lọ síbi ìsìnkú ní Ìkìrun ni ọmọ yóò sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ nǹkan lẹ́nu ọmọ, tàbí tó rí àpá lára rẹ̀, ọ̀dọ̀ alábòójútó ló ń lọ tààrà. Kò gbọdọ̀ gba ọ̀dọ̀ olórí kíláàsì, kò sì gbọdọ̀ dúró ní yàrá àwọn olùkọ́. Alábòójútó yóò sọ fún yín gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá iléèwé, òun yóò sì pe àwọn tó wà níta. Bó ṣe mọ nìyẹn: láti etí ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ títí dé ọ̀dọ̀ ìjọba, èèyàn méjì péré ló yẹ kó wà láàárín.

Ibi tí ètò púpọ̀ ti ń jó nílẹ̀ ni pé wọn kì í kọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn bá wà lójú ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Ẹ mọ bí iléèwé aládàáni wa ṣe rí. Ìyá ló ni ín, bàbá ló ń gba owó iléèwé, àbúrò ló ń wa bọ́ọ̀sì. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú ètò: bó bá kan alábòójútó, ọ̀dọ̀ yín ni kí wọ́n gbà. Bó bá kan ẹ̀yin, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni iléèwé. Bó bá kan ẹni tó ni iléèwé tàbí mọ̀lẹ́bí rẹ̀, kí wọ́n lọ síta tààrà láìgba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ tún fi gbólóhùn kan sí i pé òṣìṣẹ́ tó bá fi nǹkan sùn, tí kò sì gbọ́ kí iléèwé tó parí lọ́jọ́ náà pé wọ́n ti gbé e síta, ní ẹ̀tọ́ láti gbé e lọ fúnra rẹ̀, a kò sì ní lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Gbólóhùn yìí máa ń bí àwọn tó ni iléèwé nínú. Ẹ má yọ ọ́.

Àwọn tó wà níta, ẹ wá wọn lọ nísinsìnyí tí ọkàn yín balẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló pín ìlú yìí láàárín ara wọn, Òṣogbo àti Ọlọ́rundá, ẹ̀yin ni ẹ óò mọ èyí tí iléèwé yín wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ibẹ̀, ẹ lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé, ẹ sì lọ sí téṣàn tó súnmọ́ yín kí ẹ béèrè ọlọ́pàá tó ń mójú tó ẹjọ́ ọmọdé. Orúkọ ẹni àti nọ́ńbà rẹ̀ ni kí ẹ gbà bọ̀, nọ́ńbà ọ́fíìsì nìkan kò tó. Ẹ tún un ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan, nítorí wọ́n máa ń gbé wọn kúrò níbi iṣẹ́ kan sí òmíràn. Bébà tí nọ́ńbà wọn wà lára rẹ̀ ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì yín àti yàrá àwọn olùkọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ẹjọ́ kan yẹ̀ wò, tí mo to jọ fún àlàyé. Ọjọ́rú ni, aago mẹ́wàá ààbọ̀ ti kọjá díẹ̀, àwọn ọmọ wà ní bíréèkì. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án kan ní pírámárì kẹrin kò jáde. Òun ló máa ń sọ̀kalẹ̀ kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀sì, ní Òkè-Baálẹ̀. Àǹtí rẹ̀ bi í pé kí ló dé. Ọmọ ní, "Àǹtí, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o." Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ṣìnà nítorí àánú, tí wọ́n á búra pé àwọn ò ní sọ. Ohun tó yẹ kí àǹtí sọ ni pé: "Ó dáa bó o ṣe fẹ́ sọ fún mi. Bó bá jẹ́ nǹkan tó ń ṣe ẹ́ ní ìpalára, mo ní láti sọ ọ́ fún ẹni tó lè ràn ẹ́ lọ́wọ́. Mi ò ní sọ ọ́ fún àwọn yòókù." Lẹ́yìn náà, kó dákẹ́ kó gbọ́. Ìbéèrè tó lè bi ọmọ kò ju kí ló ṣẹlẹ̀, níbo, nígbà wo, àti ta ni. "Ṣé ó fọwọ́ kàn ẹ́ níbí?" kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀, nítorí ọmọ tí a tọ́ dáadáa nílẹ̀ Yorùbá máa ń gba ohun tí àgbà bá fi sí i lẹ́nu. Bí ó bá ti mọ ohun tó tó láti fi í sùn, kó dúró. Kó má tú aṣọ ọmọ wò, kó má ya fọ́tò, kó má pe ọmọ míì wá jẹ́rìí.

Kó tó di ọ̀sán, ohun tí àǹtí náà kọ rèé, pẹ̀lú bírò:

"Ọjọ́rú, aago 10:45, nínú kíláàsì, èmi àti ọmọ náà nìkan. Ó ń sunkún, ó di ìdí yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ mú. Mo ní, 'Kí ló dé?' Ó ní, 'Bùọ̀dá bọ́ọ̀sì máa ń ní kí n jókòó sórí ẹsẹ̀ òun tí gbogbo èèyàn bá ti sọ̀kalẹ̀ tán. Ó ń fọwọ́ kàn mí lábẹ́ aṣọ.' Mo ní, 'Nígbà wo?' Ó ní, 'Àná, àti ọjọ́ tí òjò rọ̀ yẹn.' Mi ò bi í ní nǹkan kan mọ́. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Aago 10:55, mo sọ fún alábòójútó. Mo kọ èyí ní aago 11:10." Orúkọ àti ìfọwọ́sí rẹ̀ ló kẹ́yìn.

Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò kọ "dírẹ́bà". Èèyàn méjì ló wà nínú bọ́ọ̀sì yín, mà, "bùọ̀dá bọ́ọ̀sì" sì lè jẹ́ èyíkéyìí nínú wọn. Bí àǹtí bá ti yí i sí dírẹ́bà lórí bébà, ó ti yan ẹni tí ọmọ kò yàn, ẹni tó ṣe é gan-an sì lè bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò wá déètì fún "ọjọ́ tí òjò rọ̀" bẹ́ẹ̀ ni kò kọ "wọ́n bá ọmọ náà ṣe ìṣekúṣe", èyí tó jẹ́ ìdájọ́ tirẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ ọmọ sílẹ̀ bó ṣe jáde, ní èdè tí ọmọ fi sọ ọ́. Mo mọ̀ pé òyìnbó ni ẹ fi ń kọ gbogbo ìwé iléèwé, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ ní Yorùbá, Yorùbá ni kí ẹ kọ ọ́. Bí ìjọba bá fẹ́ ìtumọ̀, wọ́n á wá ògbufọ̀. Ohun tí ojú àǹtí rí, bí ẹkún àti ọwọ́ tó di aṣọ mú, wọlé bí ó ti rí i. Bí ó bá ní èrò tirẹ̀, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀, kó sì sọ pé èrò ni.

Bí ó bá ṣi nǹkan kọ, kó fi ìlà kan ṣoṣo gba orí rẹ̀ kọjá, kó fi ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ àti déètì sí ẹ̀gbẹ́. Típẹ́ẹ̀sì kò gbọdọ̀ kàn án. Bí ó bá ti kọ́kọ́ ha nǹkan sí ẹ̀yìn ìwé nóòtì, kó ya bébà yẹn, kó so ó mọ́ àkọsílẹ̀ náà. Bébà játijàti tí a kọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí ọmọ sọ̀rọ̀ níye lórí ju fọ́ọ̀mù tí a tẹ̀ dáradára ní ìrọ̀lẹ́ lọ.

Alábòójútó gba bébà náà. Kò pe ọmọ láti tún un sọ, nítorí ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá tún un sọ, ó máa ń yí padà díẹ̀, ọmọ á sì rò pé wọn ò gba òun gbọ́. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó mú rẹ́jísítà bọ́ọ̀sì, èyí tó fi ẹni tó sọ̀kalẹ̀ hàn, àti ibi àti aago tó sọ̀kalẹ̀, ó sì tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwé yẹn ni ọlọ́pàá yóò fi mọ̀ bóyá ọmọ náà ló kù kẹ́yìn ní ọjọ́ tí òjò rọ̀, àti ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá wà lọ́wọ́ àwọn bùọ̀dá náà di ọ̀sán, ojú ewé kan lè ya kúrò.

Aago 11:30, ó sọ fún ọ̀gá iléèwé. Títí di aago 12, ó ti pe ọlọ́pàá àti wẹ́fíà, ó sì kọ orúkọ ẹni tó gbé fóònù, aago, àti ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ó bi wọ́n pé kí ni kí òun sọ fún àwọn bùọ̀dá méjì náà. Títí wọ́n á fi dáhùn, ohun tí iléèwé sọ fún wọn ni pé wọn ò ní gbé bọ́ọ̀sì lónìí. Kò sí àlàyé kankan lórí rẹ̀. Ẹ má pè wọ́n jókòó pẹ̀lú ọmọ "kí a gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì". Bí ẹ ṣe ń ṣe é lẹ́yìn ìjà níwájú kíláàsì nìyẹn, kò sì sí ibi tí ó ti lè ba ẹjọ́ jẹ́ ju ibí yìí lọ, nítorí ọmọ á fojú kan ojú rẹ̀, á ní kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ẹni náà á sì ti gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ kí ọlọ́pàá tó dé.

Aago 12:20, wọ́n pe ìyá ọmọ. Nínú ẹjọ́ yìí, ó yẹ, nítorí ẹni tí ọmọ dárúkọ kò gbé nílé wọn. Bó bá jẹ́ bùọ̀dá tàbí àǹkù tó wà nílé ni, wẹ́fíà ni yóò sọ ìgbà tí wọ́n á pe òbí àti èwo nínú wọn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìyá náà wà nínú fáìlì pẹ̀lú.

Bó bá ṣe pé ọ̀rọ̀ ọmọ fi hàn pé ó ju fífi ọwọ́ kàn lọ, àsìkò ń lọ. Ẹ ní kí ìyá má wẹ̀ ẹ́, kó má fọ aṣọ rẹ̀, kó gbé ọmọ lọ sí iléèwòsàn ìkọ́ṣẹ́ UNIOSUN tàbí iléèwòsàn ìjọba ní Asúbíarò. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kò wúlò bí a kò bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bó bá sì ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ tó ló dára tó, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì fi ń lò ó. Aṣọ tó bá ti bọ́, àpò bébà ni kó wà. Nínú nylon, ọ̀rinrin á bà á jẹ́. Ẹ má dúró de ìwé ọlọ́pàá kí ẹ tó gbé ọmọ lọ. Ọlọ́pàá lè bá wọn níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀bẹ̀ á dé. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Mọ́gàjí kan, pásítọ̀ tàbí àfáà kan, bàbá ẹni náà tó di ìdọ̀bálẹ̀, pé "ẹ má ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, ẹ jẹ́ ká parí ẹ nílé." Nígbà míì, òbí ọmọ fúnra wọn á ní káwọn gba owó ìtọ́jú kó tán. Ìdáhùn kan ni kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀ lórí: "Ó ti kúrò lọ́wọ́ wa, ẹ lọ bá ọlọ́pàá." Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ó jáde lọ́jọ́ náà gan-an kí ẹ̀bẹ̀ tó dé. Gbígba owó láti bo ẹ̀ṣẹ̀ ńlá mọ́lẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀, aago tó dé, àti ohun tó sọ. Nígbà tí àwọn èèyàn bá mọ̀ pé ẹ ń kọ ọ́, ẹsẹ̀ wọn máa ń dín kù. Bẹ́ẹ̀ náà, ẹ má gbà kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kọ̀wé pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ wá ka ọ̀rọ̀ sí èyí tó parí, nítorí iléèwé míì ló ń lọ.

Ní ti fáìlì, ìwé oríṣi méjì ni kí ẹ ní. Àkọ́kọ́ ni ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle tí ẹ ti kọ nọ́ńbà sí gbogbo ojú ewé rẹ̀, tí a ò fi lè ya ọ̀kan kí ó má hàn. Nínú rẹ̀, ìlà kan ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà: nọ́ńbà, déètì, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ, ẹni tó fi í sùn, ibi tí ẹ gbé e lọ, àti ọjọ́ tí ó parí. Ìtàn kò wọ ibẹ̀. Èkejì ni fáìlì ọmọ kọ̀ọ̀kan, níbi tí bébà àǹtí, àkọsílẹ̀ fóònù àti lẹ́tà ìjọba wà. Níwájú fáìlì, ẹ fi bébà kan tó to ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ léra ní déètì. Bébà yìí ló ń mú àwọn nǹkan kéékèèké sọ̀rọ̀. Ọmọ tó wá pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú lọ́jọ́ Ajé kan, èèyàn lè ní ó ṣubú. Bí ó bá jẹ́ Ajé mẹ́ta nínú oṣù kan, tí olùkọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì rí i, bébà iwájú nìkan ló lè fi hàn. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n máa kọ ohun kékeré náà, kódà bí kò tíì tó ohun tí a ń gbé síta.

Kọ́bọ́ọ̀dù onítìpa ni fáìlì ń gbé, kọ́kọ́rọ́ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ alábòójútó, ọ̀kan lọ́wọ́ igbákejì rẹ̀. Kò gbọdọ̀ wà pẹ̀lú rìpọ́ọ̀tì káàdì. Ẹni tó bá mú un jáde á kọ orúkọ, ọjọ́ àti ìdí. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 kàn yín níbí, nítorí náà, orúkọ ọmọ kò gbọdọ̀ wọ Wásáàpù àwọn olùkọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ gbọ́ ọ. Bí ọmọ bá yí iléèwé padà, ẹ fi ẹ̀dà fáìlì náà sínú àpò tí a lẹ̀ pa, kí ẹ fi lé alábòójútó iléèwé tuntun lọ́wọ́, kó fọwọ́ sí i pé òun gbà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ iléèwé máa ń tọ́jú fáìlì bẹ́ẹ̀ títí ọmọ á fi pé ọdún 25, nítorí ẹjọ́ ọmọdé lè wá jáde nígbà tó ti dàgbà. Èmi á ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Lẹ́yìn táàmù kan, ẹ fa fáìlì kan jáde, kí ẹ ka aago mẹ́ta nínú rẹ̀: ìgbà tí ọmọ sọ̀rọ̀, ìgbà tí a kọ ọ́, ìgbà tí ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà níta. Bí ẹ bá rí i pé alẹ́ ti ṣú kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà láàárín ohun tó dá a dúró, ẹ ó rí i pé ẹ̀rù ẹnì kan ni. Ẹ tún bi ẹni tó ń ṣọ́ géètì àti ìyá onísè, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé bí ọmọ bá sọ irú nǹkan yìí fún wọn, ta ni wọ́n á lọ bá. Bí orúkọ tí wọ́n dá bá yàtọ̀, ètò náà kò tíì kúrò lórí bébà. Bí ìwé ńlá yẹn bá sì ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù dé òpin, ẹ má ṣe jẹ́ kó dùn mọ́ yín. Nínú iléèwé tó ní ọmọ tó pọ̀, ìwé tó ṣófo máa ń túmọ̀ sí pé àwọn olùkọ́ ṣì ń pinnu fúnra wọn ohun tó tó láti sọ.